Mo ti gbé límíìtì áàpù báńkì mi sókè, síbẹ̀ owó ò lọ

Arìnrìnàjò

Ẹ kú ilé o. Límíìtì ojoojúmọ́ tó wà lórí áàpù báńkì mi, 500,000 ni, èmi fúnra mi ni mo fi síbẹ̀. Mo wá ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ ẹnì kan, owó ẹ̀ jẹ́ 1,800,000. Mo wọnú sẹ́tíńgì, mo gbé límíìtì yẹn lọ sí 2,000,000, áàpù ní ó ti wọlé. Mo fẹ́ fowó ránṣẹ́, ó ní `Limit exceeded`. Mo tún un ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Kí ló dé? Ẹ̀rù sì ń bà mí láti fi límíìtì ńlá sílẹ̀ gbayawu bẹ́ẹ̀, báwo lẹ̀yin ṣe ń gbé tiyín sókè tí ọ̀rọ̀ ò fi ń yíwọ́?

---

Kòsíṣòro

Ọ̀rẹ́, kí lo ń da ara ẹ láàmú sí? Dá límíìtì ẹ padà sí 500,000, kó o pín owó yẹn. Agogo méjìlá òru ni límíìtì máa ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo méjìlá lù, fi 500,000 ránṣẹ́, tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá méjìlá, fi 500,000 míì ránṣẹ́, òru kejì 500,000, òru kẹta 300,000, ó parí. Wákàtí méjìdínláàádọ́ta àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lo máa fi san 1,800,000 tí o ò sì ní fọwọ́ kan límíìtì rárá. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kò já mi kulẹ̀ rí.

---

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, kó o tó gbé ohunkóhun sókè jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ. Ọkùnrin kan pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe orúkọ mi ní pípé, ó ní ọ̀dọ̀ báńkì mi lòun ti ń pè, pé ẹnì kan ń gbìyànjú láti kó owó mi, kí n tètè gbé e lọ sí àkáǹtì kan tí wọ́n ṣí fún mi tó lábò. Èmi náà bá ara mi nínú ìbẹ̀rù, mo ṣí áàpù, mo fẹ́ fowó ránṣẹ́, kò lọ torí límíìtì mi kéré, 100,000 péré ni. Ó ní kí n lọ gbé límíìtì náà sókè, ó mọ ibi tó wà nínú áàpù jù mí lọ, ó ń sọ ọ́ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ ibí, tẹ ọ̀hún. Mo ṣe é. Àfi bí áàpù ṣe gbé àkọlé kan jáde pé límíìtì tuntun á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún. Mo kà á fún un. Yéè, ohùn ẹ̀ yí padà! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi pé mo ti ba nǹkan jẹ́, pé kí n pa áàpù rẹ́ kí n gbé e sórí fóònù padà. Ìgbà yẹn lojú mi là. Mo gé fóònù, mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì mi, wọ́n ní àwọn ò pè mí. Wákàtí mẹ́rìnlélógún yẹn ló gbà mí o, kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Ẹni tó bá pè ẹ́ pé kó o gbé límíìtì sókè, olè ni, má bá a jiyàn.

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Mo ṣiṣẹ́ ní báńkì fún ọdún mélòó kan, lẹ́ka tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ owó tó sọnù. Arìnrìnàjò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáhùn àwọn nǹkan wọ̀nyí ká tó máa méfò. Ṣé iye kan ṣoṣo lẹ rí lójú ibi tẹ́ ẹ ti gbé límíìtì sókè, àbí iye méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ sì fọwọ́ kan ọ̀kan? Ṣé ẹ ti fowó ránṣẹ́ síbòmíì lónìí? Ṣé fóònù tẹ́ ẹ ti ń lo áàpù yẹn tipẹ́ náà lẹ ṣì ń lò? Ṣé ẹ ti fowó ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ẹ̀rọ yìí rí?

---

Bàbá Arúgbó

Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kó káàdì lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó, ó ní mo ti kọjá iye tí mo lè gbà lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ mi ti bá mi gbé límíìtì sókè lórí fóònù. Ṣé ẹ̀rọ yẹn ni ò dáa ni?

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Bàbá, ẹ̀rọ yẹn ò ní nǹkan tó ṣe é sà. Límíìtì káàdì lọ́tọ̀, límíìtì áàpù lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n bá yín gbé sókè, owó tẹ́ ẹ bá fi áàpù rán ló ń wò. Tẹ́ ẹ bá wo apá ibi tí wọ́n kọ káàdì sí nínú áàpù yẹn, ẹ máa rí tiẹ̀ níbẹ̀, òmíì tilẹ̀ ya iye tẹ́ ẹ lè gbà lówó sọ́tọ̀ kúrò lára iye tẹ́ ẹ lè fi káàdì rajà. Àmọ́ ẹ̀rọ náà lè ní iye tí kì í kọjá lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ báńkì yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ nìyẹn o. Ẹni tó bá fi límíìtì kékeré sórí áàpù tó rò pé òun ti ti gbogbo ilẹ̀kùn, káàdì ń bẹ níta, ojú ìwé báńkì lórí kọ̀ǹpútà ń bẹ, kóòdù tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ láìlo íńtánẹ́ẹ̀tì náà ń bẹ níbi tí báńkì bá ní in. Ní báńkì míì, áàpù àti kọ̀ǹpútà ń jẹ nínú abọ́ kan náà, ní òmíì oníkálukú ló ní tiẹ̀.

---

Arìnrìnàjò

Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun. Mo padà lọ wò ó. Iye méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́! Èyí tí mo gbé sókè ni `Daily limit`. Nísàlẹ̀ ẹ̀, `Per transaction limit`, 500,000 ló ṣì wà, mi ò tiẹ̀ rí i tẹ́lẹ̀. Mo fi 150,000 ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀. Mo tún gbìyànjú láti fi 300,000 ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ẹ̀rọ, kí n fi wò ó bóyá á lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, láti ìgbà yẹn ó ń sọ `Pending`, mi ò mọ̀ bóyá ó lọ tàbí kò lọ. Mi ò fowó ránṣẹ́ sí i rí. Fóònù tuntun ni mo sì ń lò, ijẹta ni mo gbé áàpù sórí ẹ̀.

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Háà. Ẹ má fi 300,000 yẹn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì o, títí tẹ́ ẹ fi mọ ibi tí àkọ́kọ́ já sí. Tó bá jẹ́ pé ó ti lọ, ẹ máa san án lẹ́ẹ̀méjì, àtigbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á nígbà míì, iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹ fẹ́ rán 1,800,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tó lè lọ lẹ́ẹ̀kan kò kúrò ní 500,000. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dá yín padà, kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tọjọ́ kan rárá. Ká wá ní ẹ ti gbé ìyẹn náà sókè, tọjọ́ kan jẹ́ 2,000,000, ẹ ti ná 150,000 níbẹ̀ láàárọ̀, 300,000 tó wà lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ báńkì á kà á mọ́ èyí tẹ́ ẹ ti ná títí dìgbà tó bá padà sínú àkáǹtì. Ìyẹn jẹ́ 450,000. Ohun tó kù fún yín lónìí, 1,550,000. Kò tó síbẹ̀. Àwọn 1,800,000 tí áàpù dá padà lójú ẹsẹ̀ ní tiwọn, kò kà wọ́n, torí wọn ò jáde nílé rí.

Ìkẹta ni fóònù tuntun. Báńkì púpọ̀ ló jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé áàpù sórí fóònù mìíràn, wọ́n á dín iye tẹ́ ẹ lè rán kù fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì ní yí iye tẹ́ ẹ ń rí nínú sẹ́tíńgì padà. Ẹ máa rí 2,000,000 lójú, abẹ́lẹ̀ ló ti dí. Ìdí ẹ̀ ni pé ohun tí olè máa ń kọ́kọ́ ṣe tí pásíwọ́ọ̀dù èèyàn bá bọ́ sí i lọ́wọ́, á gbé áàpù ẹni yẹn sórí fóònù tiẹ̀. Àwọn báńkì kan náà tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ sí.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé gbogbo ẹ̀, `Limit exceeded` kan náà làwọn áàpù kan ń kọ.

---

Ṣẹ́gilọlá

Báwo lèèyàn á wá ṣe mọ èyí tó dí nínú wọn?

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Owó kékeré lẹ máa fi wá a. Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ ti ń fowó ránṣẹ́ sí tipẹ́. Tó bá lọ, tí iye kan náà ò wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tuntun, ẹni tuntun yẹn ni wọ́n dá dúró. Tó bá jẹ́ pé owó kékeré ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo èèyàn, àmọ́ tó bá ti pọ̀ díẹ̀ tí kò sì tíì dé iye tẹ́ ẹ kọ sí sẹ́tíńgì ló ń kọ̀, ẹ fura sí fóònù tuntun, tàbí kó jẹ́ pé irú àkáǹtì yín fúnra ẹ̀ ni kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá jẹ́ pé owó pín sí méjì lọ tí odidi ò lọ, tẹ̀ẹ̀kan lẹ ò tíì gbé sókè.

Kòsíṣòro, ohun tẹ́ ẹ sọ jóòótọ́ lápá kan. Kì í ṣe gbogbo báńkì ló ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lágogo méjìlá òru. Àwọn kan ń ka wákàtí mẹ́rìnlélógún láti ìgbà tẹ́ ẹ rán tàkọ́kọ́. Níbẹ̀ yẹn, 500,000 tẹ́ ẹ rán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú méjìlá á ṣì wà lọ́rùn yín títí di ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú méjìlá lálẹ́ ọjọ́ kejì. Àwọn tó sì ń lo agogo méjìlá, agogo báńkì ni, tẹ́ ẹ bá wà nílùú tí aago ẹ̀ yàtọ̀, òru tiyín kọ́ ni òru tiwọn.

---

Kòsíṣòro

Ó dáa, mo gbà lórí aago. Ṣùgbọ́n pípín yẹn ṣì dáa ju gbígbé sókè lọ. Kí ló burú níbẹ̀?

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Kò burú téèyàn bá pín in sí méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tí mo rí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ni pé, owó tó ń jáde lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí àkáǹtì yẹn ò mọ̀ rí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kan límíìtì, tí wọ́n wá ń lọ lóru, bí olè ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà báńkì tó ń ṣọ́ owó kò mọ̀ pé ẹ̀rọ lẹ rà. Ó lè ti àkáǹtì yín pa lórí ìkẹta, kẹ́ ẹ wá máa wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀ lóru. Kì í ṣẹlẹ̀ sí gbogbo èèyàn o. Àmọ́ kò yẹ kéèyàn fi ṣe àṣà.

---

Kòsíṣòro

Èmi ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó tì mí pa. Ká ṣáà máa wò ó.

---

Ṣẹ́gilọlá

Ìbéèrè tèmi ni pé, límíìtì yìí gan-an, kí ló ń dí? Tí olè bá gba fóònù mi tó sì mọ píìnì mi, ṣé kò ní wọ sẹ́tíńgì kó gbé e sókè fúnra ẹ̀ ni?

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ bi áàpù wọn nìyẹn. Límíìtì ò lágbára ju ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé e sókè lọ. Tó bá jẹ́ pé píìnì tẹ́ ẹ fi ń fowó ránṣẹ́ náà lẹ fi ń gbé límíìtì sókè, tó sì ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ wulẹ̀ dá olè dúró fún ìṣẹ́jú kan ni.

Ẹ dán an wò lórí tiyín. Ẹ gbé límíìtì sókè díẹ̀ báyìí, kó ṣáà ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ wá ṣọ́ nǹkan tó máa béèrè. Ṣé píìnì nìkan ni? Ṣé ó ní kẹ́ ẹ fi ojú yín hàn sí kámẹ́rà? Ṣé kóòdù wá sórí fóònù kan náà, àbí ó fẹ́ kóòdù látara ẹ̀rọ kékeré tí báńkì fún yín? Ṣé ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ àbí ó ní kẹ́ ẹ dúró? Ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé wọ́n yí límíìtì yín padà? Kẹ́ ẹ wá dá a padà. Ẹ máa ṣàkíyèsí pé dídín kù kì í dúró, ojú ẹsẹ̀ ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Ìdúró yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Olè lè mọ píìnì, ó lè gba kóòdù lẹ́nu yín, àmọ́ kò rọrùn kó dúró di ọ̀la. Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ fún wa. Ní Brazil, Báńkì Àpapọ̀ wọn fi í sófin ní 2021 fún Pix tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́: tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n gbé límíìtì yín sókè, ó kéré tán ẹ máa dúró fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n dín in kù, kò gbọdọ̀ falẹ̀. Wọ́n tún fi límíìtì tó kéré sórí òru, láti agogo mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, torí àwọn tó ń jí èèyàn gbé tí wọ́n ń fipá mú un fowó ránṣẹ́ lóru.

---

Kòsíṣòro

Ìdúró yẹn gan-an ni ìyọnu. Tí èèyàn bá wà nílé ìwòsàn ńkọ́, tí wọ́n ní kó sanwó báyìí?

---

Ìyá Ìbejì

Òótọ́ lọmọ yìí sọ níbẹ̀ yẹn. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí àbúrò mi bá mi san án ni, mo dá a padà fún un lọ́jọ́ kejì.

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí límíìtì má kéré jù. Ẹ wo oṣù mẹ́ta sẹ́yìn nínú àkáǹtì yín, ẹ wo ọjọ́ tẹ́ ẹ ná jù, ọjọ́ gidi o, kì í ṣe ọjọ́ àrà ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ fi límíìtì yín síbi tó ju ìyẹn lọ díẹ̀. Èyí tó kéré débi pé ojoojúmọ́ lẹ ń gbé e sókè, ó burú ju èyí tó tóbi lọ, torí ọwọ́ yín á ti mọ́ ọn lára láti máa tẹ bẹ́ẹ̀ ni láì kàwé. Tí ilé ìwòsàn bá sì dé lóòótọ́, káàdì ń bẹ tó ní límíìtì tiẹ̀, ẹ sì lè lọ sí báńkì fúnra yín tó bá ṣí.

---

Ṣẹ́gilọlá

Àtẹ̀jíṣẹ́ pé wọ́n yí límíìtì padà ńkọ́? Orí fóònù tí olè gbà náà ló máa wọlé sí, kí wá ni mo jèrè?

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Ẹ gbọ́n. Ẹ wò ó bóyá báńkì yín lè fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ lè ka ímeèlì yẹn lórí nǹkan míì tó yàtọ̀ sí fóònù yẹn. Ẹ pa á kí àtẹ̀jíṣẹ́ má máa hàn lójú fóònù tí wọ́n tì pa, torí kóòdù lè yọjú síta níbẹ̀ tí olè á sì kà á láì ṣí fóònù. Ẹ fi píìnì sórí síìmù náà, kí wọ́n má kàn yọ ọ́ kí wọ́n ki í bọ fóònù míì kí kóòdù máa wọlé sí wọn lọ́wọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá gba fóònù tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ yín, gbogbo èyí dín agbára kù. Ẹ tètè pe báńkì ni.

---

Arìnrìnàjò

Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ báwo ni kí n ṣe é gan-an báyìí? Ẹni tó ni ẹ̀rọ ti ń pè mí.

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Ẹ sọ fún un pé ó di ọ̀la. Tó bá jẹ́ ẹni gidi, á dúró. Ẹ kọ́kọ́ pè é lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n sí látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ bi í bóyá 300,000 wọlé, kó sì tún nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀ kà fún yín. Ẹ má gba nọ́ńbà àkáǹtì tuntun látinú àtẹ̀jíṣẹ́.

Fóònù tuntun yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì, lórí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, ìgbà tí wọ́n máa tú u sílẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má yí nǹkan kan padà mọ́, torí tẹ́ ẹ bá gbé límíìtì sókè báyìí tí owó ò sì lè lọ, ńṣe lẹ kàn ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lásán.

Ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san án, ẹ jókòó síbì kan, kí ẹnikẹ́ni má wà lórí fóònù pẹ̀lú yín, kí áàpù tí ẹlòmíì lè fi wo ojú fóònù yín látòkèèrè má sì máa ṣiṣẹ́. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣí áàpù, ẹ má tẹ líǹkì kankan wọlé. Iye tẹ́ ẹ nílò gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e dé, ẹ má gbé e dé òkè téńté. Ká ní 300,000 ti wọlé, ó ku 1,500,000. Ẹ pín in sí 750,000 lọ́nà méjì, ẹ fi tẹ̀ẹ̀kan sí 750,000, tọjọ́ kan sí 1,500,000 àti díẹ̀ fún owó iṣẹ́ báńkì, torí àwọn kan ń kà á mọ́ ọn. Tí áàpù bá ní kẹ́ ẹ mú ọjọ́ tí límíìtì á fi padà fúnra ẹ̀, ẹ mú ọjọ́ yẹn gan-an. Kó tó lọ, ẹ ka orúkọ tó bá jáde. Tó bá ti lọ, ẹ má kúrò lórí ìjókòó yẹn kẹ́ ẹ tó dín méjèèjì kù. Ẹ pa áàpù, ẹ tún un ṣí, ẹ wò ó pé ó dín lóòótọ́.

---

Ṣẹ́gilọlá

Mo fẹ́ fi èyí kún un, ó dùn mí. Mo dín límíìtì mi kù bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo gbàgbé pé mo ti ṣètò owó ilé kí ó máa lọ fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù. Owó ilé ju límíìtì tuntun lọ, kò lọ, áàpù ò pariwo, onílé ló pè mí. Ọjọ́ tí owó bá fẹ́ jáde ni áàpù tèmi ń wo límíìtì, kò wo ọjọ́ tí mo ṣètò ẹ̀.

---

Bàbá Arúgbó

Mo ti rí ti káàdì o. Apá kejì ló wà. Ẹ ṣeun.

---

Arìnrìnàjò

Mo padà dé. 300,000 yẹn wọlé sọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, bẹ́ẹ̀ áàpù mi ṣì ń sọ `Pending` títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí mo bá ti rán an lẹ́ẹ̀kejì ni! Báńkì ní wákàtí méjìléláàádọ́rin ni àwọn fi ń dín owó tó lè jáde látara fóònù tuntun kù, nítorí náà mo dúró. Lánàá mo ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, 750,000 àkọ́kọ́ lọ, ìkejì dúró, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé kí n jẹ́rìí sí i nínú áàpù. Mi ò tẹ ohunkóhun, mo pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, wọ́n ní àwọn lóòótọ́, mo jẹ́rìí sí i, ó lọ.

Mo dín in kù. Nígbà tí mo tún áàpù ṣí, tọjọ́ kan ti padà sí 500,000, àmọ́ tẹ̀ẹ̀kan ṣì wà ní 750,000, mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Mo wá lọ dán ti gbígbé sókè wò bí ẹ ṣe sọ: píìnì nìkan ló béèrè, ó sì ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè ti límíìtì yín mọ́lẹ̀ kó jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá wá fúnra yín nìkan ni wọ́n á gbé e sókè. Àwọn báńkì kan ń ṣe é tẹ́ ẹ bá béèrè, kò sí nínú áàpù. Tí wọn ò bá ṣe é, ẹ má kó owó púpọ̀ sínú àkáǹtì tí áàpù yẹn ń rí. Ẹ fi ìyókù sí àkáǹtì ìfipamọ́ tí ò sí lórí fóònù.

---

Ṣẹ́gilọlá

Ọ̀kan tó kù. Tèmi ń dúró fún ọjọ́ kan. Tí mo bá béèrè pé kí wọ́n gbé e sókè lónìí, tí mo wá yí ọkàn padà tí mo dín in kù lálẹ́, ṣé èyí tí mo kọ́kọ́ béèrè ò ní wá ṣiṣẹ́ lọ́la?

---

Ọ̀gá Kọ́ńtà

Mo ti rí i lọ́nà méjèèjì. Ní ibì kan, dídín kù ń pa ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ́. Ní ibòmíì, ó dín kù lóòótọ́, nígbà tó di ọjọ́ kejì èyí tí wọ́n ti béèrè wá gun orí ẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ìbéèrè tó ń dúró sí nínú áàpù, kẹ́ ẹ fagi lé e níbẹ̀. Tẹ́ ò bá rí irú ibẹ̀, ẹ tún áàpù ṣí lọ́la nígbà tí wákàtí yẹn bá pé.

---

Ṣẹ́gilọlá

Kò síbẹ̀ nínú tèmi. Mo ti béèrè fún un lónìí, mo ti dín in kù. Tó bá di ọ̀la màá wá sọ èyí tó ṣe.